Ìdí tí iyọ̀ fi ń tà láìsinmi, tí ọkọ̀ bọ̀gìnnì fi ń dúró lọ́gbà ẹni tó ń tà á

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bí iyọ̀ bá gbówó lórí ní gbogbo ọjà ìlú yìí lọ́la, ẹni tó ń fi ṣíbí kan sọ́bẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní fi ààbọ̀ ṣíbí sí i. Á bú oníyọ̀ díẹ̀, á san owó náà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bọ̀gìnnì bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí, ẹni tó ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ti jókòó sínú rẹ̀, tó ti fọwọ́ pa sítíárì rẹ̀, á ní kí òun lọ rò ó ná. Ọ̀pọ̀ irú wọn kì í padà wá. Gbogbo wa la mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bí a ṣe lè wọn ìyàtọ̀ náà, ká fi nọ́ńbà sọ ọ́, àti ibi tí nọ́ńbà yẹn ti lè tan oníṣòwò jẹ.

Alfred Marshall, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìwọ̀n yìí múlẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1890. Ìbéèrè rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: bí iye owó ọjà kan bá fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún yí padà, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni iye tí àwọn èèyàn ń rà yóò fi yí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni a ó máa pè ní òǹkà ìfèsì níbí, torí ó ń sọ bí oníbàárà ṣe ń fèsì sí iye owó. Bí òǹkà náà kò bá tó 1, oníbàárà ò fi bẹ́ẹ̀ mira. Bó bá ju 1 lọ, ó ń mira gan-an.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ẹ wo iye tí ọjà tí wọ́n rà fi dín tàbí fi lé, kí ẹ fi ìpíndọ́gba iye àtijọ́ àti iye tuntun pín in. Ẹ ṣe bákan náà fún iye owó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti owó pín ti ọjà:

```
E = ((Q2 - Q1) / ((Q1 + Q2) / 2)) / ((P2 - P1) / ((P1 + P2) / 2))
```

E ni òǹkà ìfèsì, Q ni iye ọjà tí wọ́n rà, P ni iye owó rẹ̀. 1 dúró fún ti tẹ́lẹ̀, 2 dúró fún ti ìsinsìnyí. Ìdáhùn sábà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, nítorí pé bí owó bá lọ sókè, ọjà tí wọ́n ń rà á wálẹ̀. A máa ń fojú fo àmì náà. Ìdí tí a fi ń lo ìpíndọ́gba dípò iye àtijọ́ nìkan ni pé, bí owó bá kúrò ní 500 lọ sí 700, tí ẹ fi 500 pín in, ẹ ó ní ó fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Bó bá ti 700 padà sí 500, tí ẹ fi 700 pín in, ẹ ó ní ìdá bíi 29 ló fi wálẹ̀. Igba náírà kan náà ni, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, òǹkà méjì ló wá jáde. Ìpíndọ́gba ló ń pa á pọ̀ di ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìsọ̀ oníyọ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká ní ó ń ta ọ̀rá iyọ̀ oníkílò kan ní ₦500, tó sì ń ta 120 lóṣù. Iyọ̀ wá wọ́n láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó o wá, gbogbo ìsọ̀ pátá gbé owó wọn lọ sí ₦700, òun náà sì gbé tirẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ta 117. Owó fi 200 lé. Ìpíndọ́gba 500 àti 700 jẹ́ 600. Ìyẹn jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjà fi 3 dín. Ìpíndọ́gba 120 àti 117 jẹ́ 118.5; ìyẹn jẹ́ ìdá 2.5. Ẹ fi 33.3 pín 2.5, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.08. Ẹ wá wo àpò rẹ̀: ₦60,000 ló ń wọlé tẹ́lẹ̀, ₦81,900 ló ń wọlé báyìí. Owó tó ń wọlé lọ sókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà tó tà dín. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbàkígbà tí òǹkà bá kéré sí 1. (Kì í ṣe èrè ni mo pè bẹ́ẹ̀ o. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ₦200 náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ta iyọ̀ fún un.)

Kí ló dé tí 120 fi di 117 péré? Kí ló dé tí kò di 80? Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé ìdáná lọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún dé etí. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó bá jẹ gíráàmù 5 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ 30 lójúmọ́, á sì jẹ 900 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí wọ́n tiẹ̀ ń jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe, kò tó kílò méjì. Ahọ́n ló ń pinnu iye yẹn, owó kọ́. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ kò ṣeé jẹ, èyí tí iyọ̀ já kò ṣeé jẹ, àárín àwọn méjèèjì kò sì fẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ dé ibi tó di ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó máa ju ṣíbí méjì sí i nítorí pé kò wọ́n. Nítorí náà, iyọ̀ kì í fèsì bí owó bá lọ sókè, kì í sì í fèsì bó bá wálẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé apá kejì yìí. Oníyọ̀ tó bá ní òun fẹ́ já owó wálẹ̀ kí gbogbo ìlú lè máa jẹ iyọ̀ púpọ̀ sí i, òfo ló ń ṣe.

Ìdí kejì ni ìwọ̀n owó tí iyọ̀ ń gbà nínú ìnáwó ilé. Ká ní ìdílé yẹn ń ná ₦200,000 lóṣù, tí iyọ̀ sì gba ₦500 nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú irinwó ni. Bí iyọ̀ bá tiẹ̀ di ìlọ́po méjì, ₦500 mìíràn ló máa jáde, owó tó lè bọ́ nídìí ọkọ̀ wíwọ̀ ẹ̀ẹ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Ìdí kẹta ni pé kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ẹran wọ́n fún lè ra ẹja, ẹni tí ẹja wọ́n fún lè ra pọ̀nmọ́. Ẹni tí iyọ̀ wọ́n fún kò rí ibi yà sí. Magí kò ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe rò, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú magí fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ṣá, ẹ má rò pé 0.08 yẹn wà lára iyọ̀ bí àwọ̀ funfun ṣe wà lára rẹ̀. Ní ₦500 sí ₦700 la ti wọ̀n ọ́n. Bí kílò kan bá di ₦50,000, ó ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ilé yẹn ń ná lóṣù, ẹ ó sì rí ìyá ilé tó ń fi ojú wọn iyọ̀ kó tó fi sọ́bẹ̀. Iyọ̀ tí kì í ṣe ti ilé ìdáná náà yàtọ̀. Ẹni tó ń fi iyọ̀ pa ẹja mọ́, tàbí tó ń fi ṣe awọ, ń lo àpò lọ́pọ̀ yanturu. Bó bá wọ́n jù, á ronú nípa yìnyín tàbí èéfín. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, iyọ̀ tó pọ̀ gan-an ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Ojú ọjọ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n ń rà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́gbà ọlọ́kọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ó ń ta ọkọ̀ bọ̀gìnnì tuntun ní mílíọ̀nù 50 náírà, tó ń ta 24 lọ́dún. Owó gbé pẹ́ẹ́lí dé mílíọ̀nù 60, ó sì ta 14 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ lo ìṣirò kan náà. Mílíọ̀nù 10 lórí 55 jẹ́ ìdá 18.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ 10 lórí 19 jẹ́ ìdá 52.6. Òǹkà ìfèsì rẹ̀ jẹ́ 2.9. Owó tó ń wọlé ti bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 840. Gbígbé owó sókè ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ yí gbogbo ohun tí a sọ nípa iyọ̀ sódì, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́wàá tó lé yẹn kì í ṣe owó tó lè bọ́ láìmọ̀. Ó tó ra ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ sì pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní: ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn wà, oríṣi tó rẹlẹ̀ díẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan náà wà, tọkunbọ̀ tó fi ọdún mẹ́ta dàgbà jù ú lọ wà. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà lára ọkọ̀ tí kò sí lára iyọ̀ rárá, tó sì lágbára ju méjèèjì yìí lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ ẹni náà ṣì ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀. Ká ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ní irú ọkọ̀ yìí nílùú kan, tí olúkúlùkù sì máa ń pààrọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ọkọ̀ 250 ni yóò máa tà lọ́dọọdún. Owó wá lọ sókè, gbogbo wọn sì pinnu pé ọdún márùn-ún làwọn ó máa lò ó báyìí. Kò sẹ́ni tó ní òun ò ra ọkọ̀ mọ́. Ọdún kan péré ni wọ́n fi kún un. Ọkọ̀ mélòó ni yóò tà lọ́dún yẹn? Òdo ni. Àwọn 250 tó yẹ kó ra ọkọ̀ lọ́dún náà ti sún un sí ọdún tó ń bọ̀, ti àwọn tó kàn náà kò sì tíì pé. Lọ́dún kejì, 250 padà dé. Bó ṣe máa rí lọ́dún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e nìyẹn, kó tó tún kan ọdún òdo mìíràn. Bí ẹ bá pín in dọ́gba láàárín ọdún márùn-ún, 200 ló ń tà lọ́dún. Nítorí náà, ìpinnu kékeré tó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín ọjà kù bí ọjọ́ bá gùn lè pa gbogbo ọjà ọdún àkọ́kọ́. Nínú ayé gan-an, gbogbo èèyàn kì í pinnu pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ká ní ìdajì wọn ló sún un, 125 ló máa tà lọ́dún náà. Ìyẹn náà tó láti mú kí ọlọ́kọ̀ lé òṣìṣẹ́.

Ìyẹn ló fà á tí ọkọ̀ fi tako òfin kan tí wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, pé bí ọjọ́ bá ṣe ń gùn ni oníbàárà ṣe ń fèsì sí owó tó. Òtítọ́ ni fún epo bẹntiróòlù: lóṣù àkọ́kọ́, ẹ ó ra á bó ti wù kó wọ́n; lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ tàbí kó lọ síbi tó sún mọ́ ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ohun tó ń pẹ́ lọ́wọ́, ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń burú jù, lẹ́yìn náà ni díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ wọn òǹkà ọkọ̀, tó wá sọ pé bó ṣe máa rí títí nìyẹn, ti ṣì í wọ̀n.

Ìjọba Amẹ́ríkà rí irú rẹ̀ he. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1990 ní kí wọ́n máa gba owó orí lórí ohun afẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1991. Fún ọkọ̀ ilẹ̀, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni, àmọ́ kìkì lórí owó tó bá ju $30,000 lọ. Fún ọkọ̀ ojú omi, lórí ohun tó ju $100,000 lọ. Ọkọ̀ òfuurufú, awọ onírun àti ohun ọ̀ṣọ́ náà ní tiwọn. Èrò wọn ni pé olówó ló máa san án, torí pé owó kì í ṣe ìṣòro olówó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó jẹ́ $40,000 fi $10,000 ju ibi tí owó orí ti bẹ̀rẹ̀. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ $1,000. Ìyẹn jẹ́ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ $60,000 á san $3,000, ìdá 5. Bí òǹkà ìfèsì bá jẹ́ 3, ọkọ̀ $40,000 á fi ìdá bíi 7.5 dín lọ́jà, èyí tó jẹ́ $60,000 á fi ìdá 15 dín. Ẹ tún wo ibi tí olówó lè yà sí: orí títà àkọ́kọ́ nìkan ni owó orí náà wà. Ọkọ̀ tí ẹnì kan ti lò rí kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sì ti rí ìròyìn òfin náà lè sáré ra tirẹ̀ nínú oṣù kejìlá 1990.

Ibi tó ti ṣòro láti fi 1991 wọn òǹkà nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n sáré rà ní ìparí 1990 kò lè tún tà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1991, nítorí náà ihò tó wà nínú ọjà jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti ń dà rìdàrìdà láti oṣù keje 1990 títí di oṣù kẹta 1991, ogun ilẹ̀ Ìráàkì sì tún bọ́ sáàárín. Bí owó tó ń wọlé fún èèyàn bá dín, ọkọ̀ bọ̀gìnnì ló máa kọ́kọ́ jù sílẹ̀, owó orí ìbáà wà, ìbáà má wà. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní gbogbo ẹ̀bi jẹ́ ti owó orí. Àwọn tó fẹ́ owó orí ní ẹ̀bi jẹ́ ti ọrọ̀ ajé. Lójú tèmi, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sọ àbọ̀ òtítọ́. Ohun tó dájú ni pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọn kì í ṣe olówó. Ní 1993, wọ́n fagi lé e lórí gbogbo rẹ̀ àyàfi ọkọ̀ ilẹ̀. Ti ọkọ̀ ilẹ̀ ń dín díẹ̀díẹ̀ títí tó fi parí ní òpin 2002.

Ṣé gbogbo ọkọ̀ olówó ńlá ló ń fèsì báyìí? Rárá. Ilé-iṣẹ́ Fẹ̀rárì mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe ọkọ̀ tí kò tó iye àwọn tó fẹ́ ra á. Bí wọ́n bá gbé owó sókè, ẹni tó wà lẹ́yìn nínú ìlà kàn bọ́ síwájú ni. Ẹ kò lè rí òǹkà ìfèsì níbẹ̀ nítorí pé iye tí wọ́n tà kọ́ ni iye tí àwọn èèyàn fẹ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀ oníyọ̀ wa, nítorí ibẹ̀ ni òǹkà yìí ti ń pa ọ̀pọ̀ oníṣòwò lára. Ẹni tó bá gbọ́ pé òǹkà iyọ̀ jẹ́ 0.08 lè sọ pé, “Ó ti yé mi, ẹ jẹ́ kí n gbé owó tèmi sókè, wọn ò kúkú lè ṣe kí wọ́n má jẹ iyọ̀.” Ká ní ó gbé ọ̀rá kan láti ₦500 sí ₦550, nígbà tí ìsọ̀ tó kù dúró sí ₦500. Àádọ́ta náírà péré ni. Lóṣù yẹn ó ta 60 dípò 120. Àádọ́ta lórí 525 jẹ́ ìdá 9.5 nínú ọgọ́rùn-ún. 60 lórí 90 jẹ́ ìdá 66.7, òǹkà ìfèsì rẹ̀ jẹ́ 7. Iyọ̀ rẹ̀ ń fèsì ju ọkọ̀ bọ̀gìnnì lọ! Owó tó ń wọlé já láti ₦60,000 sí ₦33,000. Ìlú kò jẹ iyọ̀ tó dín; ìsọ̀ kejì ni wọ́n lọ, iyọ̀ ibẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tirẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò ní arọ́pò ni iyọ̀. Iyọ̀ ìsọ̀ rẹ̀ ní arọ́pò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Àwọn ọba ilẹ̀ Faransé pàdé ọ̀rọ̀ yìí ní tiwọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi gba owó orí lórí iyọ̀, wọ́n ń pè é ní gabelle. Ní àwọn agbègbè tí owó náà ti le jù, òfin ní kí gbogbo ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ ra ìwọ̀n iyọ̀ kan pàtó lọ́dọ̀ ìjọba lọ́dọọdún. Ẹnu kò lè yẹra fún iyọ̀, nítorí náà ó yẹ kí owó orí náà rọrùn láti gbà. Ṣùgbọ́n Bretagne, agbègbè ilẹ̀ Faransé kan tí òkun yí ká ní ìhà mẹ́ta, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1780, iye owó iyọ̀ ní agbègbè tí owó orí ti le jù ju ìlọ́po 20 ti Bretagne lọ. Ojoojúmọ́ ni àwọn onífàyàwọ́ ń gbé iyọ̀ kọjá ààlà, ọkùnrin, obìnrin àtọmọdé, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń dè é mọ́ ara ajá. Bí iye iyọ̀ tí ẹnu ń jẹ kò tilẹ̀ yẹ̀, iyọ̀ ìjọba ń fèsì, torí ó ti ní arọ́pò. Òfin pé kí olúkúlùkù ra ìwọ̀n kan jẹ́ ẹ̀rí pé ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa owó orí náà rẹ́ ní 1790. Napoleon tún dá a padà ní 1806.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ ń wọ̀n: ṣé iyọ̀ ni, àbí iyọ̀ ìsọ̀ yín? Ìbéèrè tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá àwọn aládùúgbò yín náà yí owó tiwọn padà lọ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ iye tí ẹ tà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní owó àtijọ́. Kílò ni kí ẹ kọ, kì í ṣe náírà, nítorí náírà ti da owó àti ọjà pọ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ńgò lẹ fi ń wọn iyọ̀ yín, ẹ gbé kọ́ńgò kan lé orí òṣùwọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í gbé owó sókè. Orí kọ́ńgò ni wọ́n máa ń gé. Kọ́ńgò tó ń kún dé òkè tẹ́lẹ̀ tó wá di pẹrẹsẹ lè ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó ti lọ sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí nọ́ńbà, ìṣirò yín ò sì ní bá a mu.

Ẹ wá yí owó padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn: ẹ má kó ọjà tuntun dé, ẹ má yí ibi tí ẹ tẹ́ ọjà sí. Ẹ fo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí àwọn tó gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti ra ti ọ̀sẹ̀ náà pa mọ́, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ṣe ní 1990. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, kí ìparí oṣù àti ọjọ́ ọjà wà nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀kan bá bọ́ sínú ààwẹ̀ tàbí ọdún Kérésìmesì, ẹ sún un síwájú.

Fún ọlọ́kọ̀, ó le ju báyìí lọ. Títí di àárín 2023, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ó ti ju ₦1,400 lọ. Ọkọ̀ $40,000 tó jẹ́ mílíọ̀nù 18.4 náírà wá di mílíọ̀nù 56, owó bódè kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Ọjà rẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ ẹ kò lè fi ìyẹn wọn òǹkà ìfèsì ní tààrà, nítorí oúnjẹ, epo àti owó ilé ìwé náà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, agbára owó àwọn oníbàárà sì wálẹ̀. Ohun méjì ló ń ti ọjà náà ṣubú, òǹkà náà á sì gbé gbogbo rẹ̀ ru iye owó nìkan. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ fi oríṣi ọkọ̀ méjì wéra lọ́dún kan náà, ọ̀kan tí owó rẹ̀ lọ sókè ju èkejì lọ, tó jẹ́ pé irú èèyàn kan náà ló ń rà wọ́n.

Nígbà mìíràn ìwé yín á fi hàn pé owó lọ sókè, ọjà tí ẹ tà náà sì lọ sókè. Ẹ má ṣírò òǹkà kankan lórí irú oṣù bẹ́ẹ̀. Nǹkan mìíràn ló ti gbé oníbàárà wá. Nínú oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ebólà ti wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan rìn káàkiri pé kí àwọn èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Irọ́ ni, àjọ ìlera àgbáyé sì ní ó kéré tán èèyàn méjì ló kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Iyọ̀ tí wọ́n rà lọ́jọ́ mélòó kan yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iye owó. Ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà kò ṣeé lò, torí iyọ̀ ti kún ilé, ọjà á sì rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ títí tí wọ́n á fi jẹ èyí tó wà nílẹ̀ tán. Ẹ fa ìlà sórí ojú ìwé méjèèjì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan.